Ṣé kí n máa gba dífídẹ́ńdì ni, àbí kí n máa ta ṣíà díẹ̀díẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni mí n'Ìbàdàn, mo sì ní mílíọ̀nù kan náírà tí mo fẹ́ fi ra ṣíà. Èyí tó ń san dífídẹ́ńdì, ìyẹn èrè tí ilé-iṣẹ́ ń pín fún àwọn tó ní ṣíà rẹ̀, ló wù mí, kí n lè rí nǹkan fi kún pẹ́ńṣàn. Ọmọ mi, ẹni ọdún 29, ní àpapọ̀ èrè ni kí n máa wò, ìyẹn dífídẹ́ńdì pẹ̀lú owó tí ṣíà fi gbówó lórí, pé bí mo bá nílò owó, kí n ta díẹ̀ nínú ṣíà mi. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Màmá, ìṣirò ọmọ yín tọ̀nà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó. Ká ní ṣíà kan jẹ́ náírà 50, owó yín á ra 20,000. Ilé-iṣẹ́ náà wá kéde dífídẹ́ńdì náírà 5 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá di ọjọ́ tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á kò lẹ́tọ̀ọ́ sí dífídẹ́ńdì yẹn mọ́, ọjà ṣíà l'Ékòó á yọ náírà 5 kúrò lára iye rẹ̀, á di 45, torí pé owó tó wà lápò ilé-iṣẹ́ ti ń bọ̀ lápò yín. Ìjọba á yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún nínú 100,000 tó tọ́ sí yín, 90,000 ló máa wọ báńkì. Ṣíà yín sì ti di 900,000.

Ká wá ní ilé-iṣẹ́ náà ò san kọ́bọ̀. Ẹ ta ṣíà 1,800 ní náírà 50, ẹ rí 90,000 kan náà, èyí tó kù lọ́wọ́ yín sì tó 910,000. Alágbàtà tó bá yín tà á á gba owó iṣẹ́ rẹ̀ nínú rẹ̀ o. Ohun tí ọmọ yín rí nìyẹn: dífídẹ́ńdì àti owó tí ṣíà fi gbówó lórí, àpò kan náà ni wọ́n ti ń jáde.

Àmọ́ ọmọ yín ń gba owó oṣù, kò sí ohun tó máa fipá mú un ta ṣíà lọ́dún tí ọjà bá dẹnu kọlẹ̀. Bí ṣíà yẹn bá já sí náírà 30, ẹ ó ta 3,000 kí ẹ tó rí 90,000. Bí ó bá padà di 50 lẹ́yìn náà, àwọn tí ẹ ti tà ò sí níbẹ̀ mọ́. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ìṣòro mìíràn tún wà. Mo ti jókòó ti oníbàárà mi kan níwájú kọ̀ǹpútà, ó fẹ́ ta ṣíà kó fi san owó iléèwé ọmọ-ọmọ rẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, apá ibi tí àwọn tó fẹ́ tà wà kún fọ́fọ́, apá àwọn tó fẹ́ rà ṣófo. Ó wọ ọ̀sẹ̀ kejì kó tó rí i tà. Nítorí náà, èmi fara mọ́ dífídẹ́ńdì fún yín.

Ẹ má kàn sọ ọ́ di pẹ́ńṣàn kejì. Ẹ wo Nestlé Nàìjíríà tó ń ṣe Màgí àti Máìlò. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń san dífídẹ́ńdì, àwọn èèyàn sì gbára lé e. Lórí èrè ọdún 2022, ó san náírà 36.50 fún ṣíà kan gẹ́gẹ́ bí àṣekágbá ọdún náà. Lóṣù Kẹfà ọdún 2023, wọ́n fi náírà sílẹ̀ kó wá iye tirẹ̀ lọ́jà, ó sì já wálẹ̀ gan-an. Ilé-iṣẹ́ náà jẹ gbèsè ní owó òkèèrè, gbèsè yẹn sì wú lójijì nínú ìwé rẹ̀. Àdánù tó lé ní bílíọ̀nù 79 náírà ló fi parí ọdún, dífídẹ́ńdì sì dáwọ́ dúró. Màgí ṣì ń tà lọ́jà Bódìjà o.

Torí ìyẹn, kí ẹ tó rà, ẹ bi alágbàtà yín ní ìbéèrè méjì. Èkíní, èló ni ilé-iṣẹ́ náà jèrè lórí ṣíà kan, èló ló sì san nínú rẹ̀? Èyí tó jèrè náírà 4 tó san 5, owó ìpamọ́ rẹ̀ ló ń pín jẹ. Ìkejì, ṣé ó jẹ gbèsè dọ́là? Ẹ má sì jẹ́ kí dífídẹ́ńdì tó tóbi jù fà yín lọ láìwádìí. Nígbà mìíràn, iye ṣíà ló ti já wálẹ̀ torí pé àwọn tó mọ̀ ti ń sá, ìyẹn ló mú kí dífídẹ́ńdì ọdún tó kọjá dà bíi pé ó pọ̀ tí a bá fi wé iye ṣíà náà. Ẹ pín owó yín sí ilé-iṣẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí òwò wọn yàtọ̀ síra.

Ọ̀nà tí ọmọ yín ń tọ̀ dára fún òun fúnra rẹ̀. Kó wá ilé-iṣẹ́ tó ń dá èrè padà sínú òwò tí òwò náà sì ń gbòòrò, bí dífídẹ́ńdì bá sì wọlé, kó fi ra ṣíà sí i. Ọgbọ̀n ọdún ṣì wà níwájú rẹ̀ kó tó fẹ̀yìntì.

Ohun kan ṣì kù tí àwọn tó fẹ̀yìntì kì í sábà rò mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ wa ń san dífídẹ́ńdì, èyí tó pọ̀ jù sì máa ń jáde lẹ́yìn ìpàdé ọdọọdún wọn, láàárín oṣù Kẹta sí Ìkeje. Oṣù Kejìlá ò ní mú nǹkan púpọ̀ wá. Ẹ má fi gbogbo mílíọ̀nù yẹn ra ṣíà: ẹ fi owó tó tó yín ná fún oṣù mẹ́fà sí tírẹ́ṣọ́rì bíìlì, ìyẹn owó tí a ń yá ìjọba fún oṣù díẹ̀, kí ẹ fi èyí tó bá kù ra ṣíà.