Bí ẹ̀rọ ṣe kọ́ láti dá àmì ohùn padà, àti ohun tí ojú àwòrán ṣì mọ̀

Mo fi fóònù ya ojú ewé kan nínú ìwé ìtàn kékeré tí bàbá mi fi sílẹ̀, mo sì gbé e fún ẹ̀rọ tó ń ka àwòrán di ọ̀rọ̀. Ìlà kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi hàn yín. Ti òkè ni ohun tí ìwé kọ, ti ìsàlẹ̀ ni ohun tí ẹ̀rọ kà:

```
Ọkọ rẹ̀ ra ọkọ̀ tuntun lọ́sẹ̀ tó kọjá.
Oko ré ra oké tuntun 16s¢ t6 koja.
```

Àṣìṣe mi ni pé mo kọ́kọ́ fọ ìlà kejì mọ́. Mo sọ ¢ di e, mo sọ 16 di lo, mo ṣí àmì kúrò lórí é, kí irinṣẹ́ tó ń dá àmì padà má bàa rí ohun tí yóò rú u lójú. Ohun tó kọ fún mi ni «Ọkọ rẹ ra òkè tuntun». Ta ló ń ra òkè? Kí n tó mọ ibi tí mo ti ṣìnà, mo ní láti padà lọ wo bí irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe wáyé, àti irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà.

Àmì tí à ń wá kiri yìí ti pẹ́. Láti 1843 ni Àjàyí Crowther ti tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ìpàdé tí àwọn ìjọ C.M.S. ṣe ní Èkó lọ́dún 1875 ló fìdí ẹ, ọ àti ṣ múlẹ̀ bí a ṣe mọ̀ wọ́n lónìí. Láti ìgbà náà ni lẹ́tà wa kan ti lè ru ẹrù lórí kó tún wọ bàtà lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé ìtẹ̀wé rí i ṣe, nítorí wọ́n lè rọ irin fún àmì tó bá wù wọ́n. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé orí tábìlì tó ti ìlú òyìnbó wá kò ní bọ́tìnnì rẹ̀, kọ̀ǹpútà sì jogún bọ́tìnnì yẹn. Bí ọ̀pọ̀ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Yorùbá ní ìhòòhò nìyẹn. Ẹni tó gbọ́ èdè a máa fi orí ara rẹ̀ dá àmì padà bó ṣe ń kà. Ẹ̀rọ ni kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Orí èdè wa kọ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀. Lọ́dún 1994, David Yarowsky ṣe é fún Faransé àti Sípéènì: bí ọ̀rọ̀ kan bá lè gba àmì oríṣi méjì, ẹ̀rọ a wo àwọn ọ̀rọ̀ tó wà nítòsí rẹ̀ kó tó yan ọ̀kan. Ó rọrùn níbẹ̀, nítorí púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ àwọn èdè wọ̀nyẹn ni kò ní ju ojú kan lọ. Lọ́dún 2007, Guy De Pauw, Peter Wagacha àti Gilles-Maurice de Schryver gbé e wá sórí àwọn èdè Áfíríkà tí ìwé wọn kò pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, Yorùbá sì wà lára wọn. Wọn kò wo odindi ọ̀rọ̀. Lẹ́tà ni wọ́n ń wò, pẹ̀lú lẹ́tà díẹ̀ tó wà ní ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Ọgbọ́n náà dára fún èdè tí ìwé rẹ̀ kéré, nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ kò rí rí náà ní lẹ́tà tó ti rí. Ṣùgbọ́n ẹ gbé «oko» síwájú rẹ̀. Ọkọ ìyàwó, ọkọ̀ ojú pópó, ọkọ́ tí à ń fi ro ilẹ̀, oko ẹ̀gẹ́, òkò tí ọmọdé ń sọ: lẹ́tà mẹ́ta náà ni gbogbo wọn, kò sì sí ohun tí «o» lè bi «k» tí yóò fi mọ èyí tó jẹ́.

Nílé níhìn-ín, Túndé Adégbọlá, tó dá Alt-i, àjọ ìmọ̀ ẹ̀rọ fún àwọn èdè Áfíríkà, sílẹ̀ ní Ìbàdàn, àti Odilinye ṣe iṣẹ́ kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2012. Ìbéèrè wọn kò fẹjú: bí ìwé tí a fi kọ́ ẹ̀rọ bá ń pọ̀ sí i, báwo ni dídá àmì padà yóò ṣe máa dára sí i tó? Mo fẹ́ràn ìbéèrè yẹn, nítorí ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ gan-an ló tọ́ka sí. Lọ́dún 2018 ni Iroro Orife wá mú un gba ọ̀nà mìíràn. Ó ka Yorùbá tí kò ní àmì sí èdè kan, ó ka Yorùbá tó ní àmì sí èdè kejì, ó sì ní kí ẹ̀rọ máa túmọ̀ láti ọ̀kan sí èkejì. Nípa bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ lè fi ojú kan gbogbo gbólóhùn kó tó pinnu lórí ọ̀rọ̀ kan. Lọ́dún 2020, òun àti àwọn mìíràn wá onírúurú ìwé kún ti tẹ́lẹ̀, wọ́n sì dán an wò lórí irú Yorùbá tí àwọn oníròyìn òde òní ń kọ. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀rọ tó bá fi Bíbélì dàgbà a máa ka gbogbo ọ̀rọ̀ bí ìwàásù.

Ohun kan wà tí gbogbo wọn jọ ṣe, òun ló sì ra òkè fún mi. Níbo ni wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ? Wọ́n mú ìwé tí àmì rẹ̀ pé, wọ́n bó àmì náà dànù, wọ́n wá ní kí ẹ̀rọ wá a padà. Irinṣẹ́ tó bá dàgbà báyìí gbà pé gbogbo lẹ́tà tí a bá gbé wá tọ̀nà, àti pé kò sí àmì kankan tó kù. Òtítọ́ ni méjèèjì nípa ọ̀rọ̀ tí èèyàn fi ọwọ́ tẹ̀ láìlo àmì. Irọ́ ni méjèèjì nípa ọ̀rọ̀ tó ti ojú àwòrán wá. Níbẹ̀, lẹ́tà lè ti yí padà, àmì kò sì parẹ́ tán. Ó pa ara dà ni.

Ẹ jẹ́ ká tún ìlà wa kà, ká má fọ̀ ọ́ mọ́. Nínú «t6», 6 kì í ṣe òǹkà. Lẹ́tà o tó ru nǹkan lórí ni ẹ̀rọ tí kò mọ̀ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ rí, ó sì wá ohun tó jọ ọ́ jù. Nítorí náà «tó» tàbí «tọ́» tàbí «tò» ni, kò lè jẹ́ «to» lásán. Nínú «16s¢», 1 ni l, 6 tún ni o tó ní àmì lórí, ¢ sì ni e tó ní nǹkan lábẹ́ tàbí lókè. Ẹ wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tó bá ìyẹn mu tó lè ṣáájú «tó kọjá», lọ́sẹ̀ ni ẹ ó bá.

Ọ̀rọ̀ «oké» ló dùn jù. Ẹ̀rọ ṣi fáwẹ̀lì kejì kà, ṣùgbọ́n kò ṣi òkè rẹ̀ kà: nǹkan wà lórí lẹ́tà náà. Bí a bá fi o rọ́pò e yẹn, ọkọ ìyàwó àti oko ti jáde kúrò, nítorí wọn kò ru nǹkan kan lórí fáwẹ̀lì ìkẹyìn. Ó ku ọkọ̀, ọkọ́ àti òkò. Ọ̀rọ̀ «tuntun» kò lè yan láàárín ọkọ̀ àti ọkọ́ dáadáa, torí àgbẹ̀ náà ń ra ọkọ́ tuntun. Ìtàn tó yí gbólóhùn náà ká ló yàn án. Bákan náà ni «ré». Kò sí irinṣẹ́ tó lè fi gbólóhùn yìí nìkan mọ̀ bóyá ọkọ rẹ, ìwọ tí à ń bá sọ̀rọ̀, ni tàbí ọkọ rẹ̀, obìnrin kan níbòmíràn. Àwòrán mọ̀ ọ́n. Àmì tó wà lórí é kò sọ bóyá ohùn òkè ni tàbí ohùn ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ pé ohùn àárín kọ́.

Ọ̀rọ̀ «ra» ní tirẹ̀ dẹ pàkúté fún ẹni tó bá ń ṣe àṣejù. Nínú ìwé atúmọ̀ èdè, rà ni. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé irú ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohùn rẹ̀ a gòkè sí àárín: ó rà á, ṣùgbọ́n ó ra ọkọ̀. Irinṣẹ́ tó bá kàn ń wo ìwé atúmọ̀ èdè yóò fi àmì sí ibi tí òǹkọ̀wé fi ọgbọ́n fi sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Tesseract láti ka àwòrán di ọ̀rọ̀ lè dín wàhálà yìí kù láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti di ohun tí gbogbo ayé lè lò lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2005, ẹ̀dà kẹrin rẹ̀ tó jáde lọ́dún 2018 sì ní Yorùbá nínú. Ẹ má jẹ́ kó fi ojú Gẹ̀ẹ́sì ka ìwé wa:

```
tesseract ewe.png ewe -l yor
```

Ó ṣì ń fò àmì, ṣùgbọ́n ¢ àti 6 a dín kù púpọ̀. Kí ẹ tó fi ohun tó kà wé ìwé atúmọ̀ èdè, ẹ kọ́kọ́ sọ gbogbo àmì di irú kan. Nínú Unicode, tó fún àwọn lẹ́tà ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, lẹ́tà ẹ ní tirẹ̀, U+1EB9, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Lẹ́tà ẹ ni, pẹ̀lú U+0301, àmì ohùn òkè, lẹ́yìn rẹ̀. Ẹlòmíràn á kọ é kó tó fi àmì abẹ́ sí i. Lójú èèyàn ọ̀kan náà ni, lójú ẹ̀rọ wọn kò jọra títí a ó fi tò wọ́n. Àwọn ìwé kan sì wà tó jẹ́ igi kékeré tó dúró lóòró, U+0329, ni àmì abẹ́ wọn, kì í ṣe tóótó, ìtòlẹ́sẹẹsẹ Unicode kò sì ka méjèèjì sí ọ̀kan. Ẹ fi ọwọ́ yí i:

```python
import unicodedata as u
s = u.normalize("NFD", s).replace("\u0329", "\u0323")
s = u.normalize("NFC", s)
```

Ìwé àtijọ́ tún ní ìṣòro tirẹ̀. Ẹ ó rí «nwọn», «aiye», «enia» àti «obirin» níbẹ̀, nítorí ó ti wà kí àtúnṣe àkọtọ́ ti 1966 àti 1974 tó dé. Irinṣẹ́ tó fi ìwé òde òní dàgbà kò rí «nwọn» rí, yóò sì máa fipá sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Àwọn ìwé wọ̀nyí sì máa ń fi àmì ohùn sí kìkì ibi tí wọ́n rò pé òǹkàwé lè ṣìnà. Nítorí náà ẹ ní láti pinnu kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ṣé àmì tó wà lójú ìwé lẹ fẹ́ dá padà ni, àbí àmì tí àkọtọ́ òde òní fẹ́? Iṣẹ́ méjì ni. Mo máa ń ṣe ti àkọ́kọ́, mo sì máa ń tọ́jú rẹ̀ sínú fáìlì tirẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan èkejì.

Nínú ìwé bàbá mi, ọ̀rọ̀ kan wà ní ìlà keje tí ẹ̀rọ kà sí «iṣe», tí mo sì gbà á bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, torí ìṣe bá gbólóhùn náà mu. Lọ́jọ́ kan mo fa àwòrán náà tóbi. Tóótó abẹ́ s yẹn kì í ṣe ti ìlà keje rárá. Àmì orí ó kan ní ìlà kẹjọ ni, tí ìlà méjèèjì sún mọ́ra débi pé ẹ̀rọ gbé e fún ẹni tó wà lókè. Ìsẹ́, kí èèyàn sẹ́ ọ̀rọ̀, ni òǹkọ̀wé kọ, àmì abẹ́ e rẹ̀ ló sì parẹ́ mọ́ abàwọ́n ara ìwé.