Òkùnkùn tó wà ní ọrùn eyín: ìgbà wo ló jẹ́ káríìsì?

Nínú àwòrán báítíwíìnì, ìyẹn àwòrán X-ray tó ń fi eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ hàn pọ̀, ẹ́námẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ èèpo líle ara eyín àti egungun tó di eyín mú máa ń funfun nítorí pé wọ́n ń gba ìtànṣán dúró. Ní ọrùn eyín, níbi tí ẹ́námẹ́ẹ̀lì ti parí tí egungun kò tíì bẹ̀rẹ̀, ohun tó lè gba ìtànṣán dúró kéré, ìtànṣán á kọjá gan-an, ibẹ̀ á sì dúdú. Bọ́ọ̀naòtì nìyẹn. Eyín náà lè sàn pátápátá.

Ibi tí òkùnkùn wà ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ wò. Káríìsì, ìyẹn jíjẹrà eyín, tó bá bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ́námẹ́ẹ̀lì láàárín eyín méjì kì í jìnnà sí ibi tí wọ́n ti fara kanra; díẹ̀ ló fi sún sí ìhà erìgì. Bọ́ọ̀naòtì kì í dé òkè yẹn. Káríìsì gbòǹgbò nìkan ló ń bá a pín ọrùn eyín, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà.

Ká ní ìyá kan, ẹni ọdún 45, ti Kubwa wá sí kíníìkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Àbújá. Erìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, kò sì sí ìrora. Lára eyín ńlá kan nísàlẹ̀, nǹkan funfun yọ ṣóńṣó bí ẹ̀gún ní ọrùn eyín, òkùnkùn sì wà lábẹ́ rẹ̀. Egungun ti lọ sílẹ̀ tó mílímítà 4 sí etí ẹ́námẹ́ẹ̀lì; bíi 2 ló yẹ kó jẹ́. Gbòǹgbò ti wá ṣí sílẹ̀, nítorí náà, a kò lè sọ pé bọ́ọ̀naòtì ni ká sì kọjá lọ.

Ẹ fi ojú tọ etí gbòǹgbò láti ibi tí ẹ́námẹ́ẹ̀lì ti parí títí dé egungun. Bí ìlà etí náà bá ń bá a lọ láìjá, tí òkùnkùn sì ń ṣá díẹ̀díẹ̀ sínú eyín, bọ́ọ̀naòtì ló sún mọ́ jù. Bí ìlà bá já, tí kòtò sì jẹ wọ inú gbòǹgbò, káríìsì ni ká fura sí. Ti ìyá yìí kò já.

Nǹkan funfun yẹn ńkọ́? Bí eyín bá ti ní ìdí tẹ́lẹ̀, ìyẹn ohun tí dókítà fi dí ihò eyín, ìdí tó yọ síta á so mọ́ ara ìdí náà, á sì funfun bákan náà pẹ̀lú rẹ̀. Eyín yìí kò ní ìdí, etí nǹkan náà sì rí págunpàgun: èérí líle ni. Fífunfun rẹ̀ tún ń mú kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúdú sí i lójú wa. Ẹ fi bébà kékeré bò ó, kí ẹ tún òkùnkùn náà wò.

Àwòrán nìkan kò tó láti dá ẹjọ́ yìí. Ẹ fọ èérí kúrò kí ẹ tó fi irin yẹ gbòǹgbò wò, torí irin máa ń há sí etí èérí bí ẹni pé ó bá kòtò pàdé. Bí gbòǹgbò bá le tó sì dán lẹ́yìn ìfọ̀, ẹ má ṣe kọ káríìsì. Bó bá rọ̀, ẹ kọ ọ́, kódà bí ìlà inú àwòrán kò bá já.