Owó tí wọ́n yọ lẹ́yìn tí a ti fagi lé àṣẹ ìyọwó

Nínú dáírẹ́ẹ̀tì dẹ́bíìtì, kì í ṣe oníbàárà ló ń fi owó ránṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gbowó ló ń fà á jáde nínú àkáǹtì rẹ̀, nítorí pé ó ti fún wọn láyè láti máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé tó fún wọn láyè yẹn ni àṣẹ ìyọwó. Àṣẹ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, nọ́ńbà náà sì máa ń bá owó tí wọ́n yọ wọ inú sítétímẹ́ǹtì. Ẹni tó bá fẹ́ fagi lé àṣẹ, kó kọ́kọ́ wá nọ́ńbà yìí jáde.

Ohun tó máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni pé wọn ò mọ ọwọ́ ẹni tí àṣẹ náà wà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, báńkì oníbàárà ní àkọsílẹ̀ rẹ̀. Tí oníbàárà bá fagi lé e níbẹ̀, báńkì á fi tó ilé-iṣẹ́ náà létí. Ṣùgbọ́n nínú SEPA, ètò tí wọ́n fi ń san owó yúrò láti báńkì dé báńkì ní Yúróòpù, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń gbowó ni ìwé àṣẹ wà. Báńkì lè má tíì rí i rí. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ ni kí a kọ̀wé sí pé a ti gba àṣẹ wa padà, kí a kọ nọ́ńbà àṣẹ àti ọjọ́ sí i, kí a sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó sọ fún báńkì kó dí ọ̀nà mọ́ wọn. Ó kéré tán, èyí gbọ́dọ̀ ti dé báńkì kí iṣẹ́ tó parí ní ọjọ́ iṣẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìyọwó.

Dídí nọ́ńbà àṣẹ kan ṣoṣo kò tó. Tí ilé-iṣẹ́ bá tún wá pẹ̀lú nọ́ńbà mìíràn, báńkì lè rò pé àṣẹ tuntun ni. Òfin SEPA gba oníbàárà láyè láti ní kí báńkì dí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, nípasẹ̀ nọ́ńbà ìdámọ̀ tí gbogbo agbowó ní. Ìyẹn ló dájú jù.

Ẹ jẹ́ ká wo obìnrin kan tó kọ̀wé sí ilé ìdárayá kan ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta pé òun ti gba àṣẹ ìyọwó padà. Kò sọ fún báńkì. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin, wọ́n tún yọ owó. Ká ní ó rí i lójú ẹsẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá rọrùn: láàárín ọ̀sẹ̀ 8 lẹ́yìn ìyọwó, SEPA fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó rẹ̀ padà láìsọ ìdí kankan. Àmọ́ ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ló tó yẹ sítétímẹ́ǹtì wò, ọ̀sẹ̀ 8 sì ti parí ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún.

Ó ṣì ní àyè títí di oṣù 13 lẹ́yìn ìyọwó, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ti yí padà. Ó gbọ́dọ̀ sọ pé ìyọwó náà kò ní àṣẹ. Báńkì rẹ̀ á béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ilé ìdárayá náà, àwọn náà sì lè gbé ìwé àtijọ́ tó buwọ́ lù jáde. Òótọ́ ni ìwé yẹn, òun ló sì máa ń jẹ́ kí wọ́n dá oníbàárà tí kò ní ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ lẹ́bi. Lẹ́tà ọjọ́ 3 oṣù kẹta ló lè borí rẹ̀, pàápàá bí ẹ̀rí bá wà pé wọ́n gbà á. Kó fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí báńkì, kó sì kọ ọ́ pé: «Mo ti gba àṣẹ yìí padà kí ìyọwó yìí tó wáyé.» Kó má kọ ọ́ pé owó náà pọ̀ jù tàbí pé òun kò lọ síbẹ̀ mọ́. Ìyẹn á sọ ọ́ di ẹjọ́ àdéhùn, báńkì kì í sì í dá irú rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlérí ààbò tó wà lórí dáírẹ́ẹ̀tì dẹ́bíìtì sọ pé tí àṣìṣe bá wáyé nínú ìyọwó, ì báà jẹ́ ilé-iṣẹ́ ló ṣe é tàbí báńkì, báńkì gbọ́dọ̀ dá gbogbo owó padà lójú ẹsẹ̀. Báńkì ni kí a lọ bá, kì í ṣe ilé-iṣẹ́, bí òṣìṣẹ́ báńkì tilẹ̀ ní kí a kọ́kọ́ lọ bá ilé-iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀. Bí owó tí a gbà bá jẹ́ èyí tí kò tọ́ sí wa, ilé-iṣẹ́ lè béèrè rẹ̀, a ó sì dá a padà.

Fífagi lé àṣẹ kò fagi lé àdéhùn. Tí àdéhùn ilé ìdárayá yẹn bá ní kó sọ fún wọn ní oṣù kan ṣáájú kó tó kúrò, owó oṣù náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, bí báńkì tilẹ̀ ti dá ohun tí wọ́n yọ padà. Ó lè san án ní ọ̀nà mìíràn, àmọ́ kó yẹ àkáǹtì náà wò ní ọjọ́ tí wọ́n máa ń yọ owó ní oṣù méjì tó tẹ̀ lé e.