Ìbẹ̀rẹ̀ òjò: ìgbà wo gan-an ni òjò bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ gbìn?

Tí àgbẹ̀ bá ní "òjò ti bẹ̀rẹ̀", ohun méjì ló lè ní lọ́kàn. Ó lè jẹ́ pé òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lásán. Ó sì lè jẹ́ pé omi inú ilẹ̀ ti tó mú irúgbìn hù, tó sì lè gbé èhù náà dúró títí òjò mìíràn yóò fi dé. Èyí kejì ni a ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò nínú iṣẹ́ ọ̀gbìn. Òun ló yẹ kí a máa wò ká tó gbìn, kì í ṣe ọjọ́ tí a ti sàmì sí lórí kàlẹ́ńdà, nítorí ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lè wà láàárín ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún kan àti ti òmíràn.

Òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń lò gan-an ní agbègbè Sàhẹ́lì, ilẹ̀ gbígbẹ tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, ni pé kí òjò tó tó milimíta 20 rọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ léra, kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó ju ọjọ́ 7 lọ má sì wáyé láàárín 30 ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Milimíta kan jẹ́ lítà omi kan lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì gùn ní mítà kan. Agolo tí ara rẹ̀ tọ́ láti ìdí dé ẹnu ti tó láti wọ̀n ọ́n. Gbé e sí gbangba, kó jìnnà sí igi àti òrùlé. Ní àárọ̀ kọ̀ọ̀kan, ní wákàtí kan náà, ti rúlà bọ inú rẹ̀, kọ ohun tí o rí sílẹ̀, kí o sì da omi náà nù.

Kí ló dé tí òjò kékeré fi léwu ju àìrọ̀ òjò lọ? Nínú ilẹ̀ gbígbẹ, irúgbìn ń sùn, ó sì lè sùn pẹ́. Tí omi bá kan án, ó mu omi, ó wú, ó yọ gbòǹgbò. Láti ìgbà náà lọ, kò lè padà sùn mọ́. Tí ilẹ̀ bá tún gbẹ, ó kú nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo àgbàdo tí a gbìn ní sẹ̀ǹtímítà 4 sínú ilẹ̀ oníyanrìn. Milimíta 9 rọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Nínú irú ilẹ̀ yìí tó ti gbẹ tẹ́lẹ̀, milimíta kan máa ń rin nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan, nítorí náà ilẹ̀ rin dé bíi sẹ̀ǹtímítà 9. Ṣùgbọ́n oòrùn gbígbóná lè fa milimíta 4 kúrò lórí ilẹ̀ tí kò ní ohun tó bò ó ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Títí di Ọjọ́rú, àyíká irúgbìn ti ń gbẹ, gbòǹgbò kò sì tíì gùn.

Ká ní milimíta 12 rọ̀ lọ́jọ́ Ajé, tí 11 tún rọ̀ lọ́jọ́rú, àpapọ̀ jẹ́ 23, ilẹ̀ á sì rin kọjá sẹ̀ǹtímítà 20. Òkè ilẹ̀ á kọ́kọ́ gbẹ, ṣùgbọ́n bó bá ti gbẹ, òun fúnra rẹ̀ á dà bí ìdérí tó ń dín bí omi ìsàlẹ̀ ṣe ń jáde kù. Gbòǹgbò á sì máa tẹ̀ lé omi náà lọ sísàlẹ̀. Ilẹ̀ amọ̀ yàtọ̀: omi kan náà kì í wọlé jìn tó bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí a gbẹ́ ihò wò, kí a má gbára lé agolo nìkan. Tí erùpẹ̀ láti sẹ̀ǹtímítà 15 bá ṣù mọ́ra nígbà tí o fún un mọ́wọ́, ilẹ̀ ti gba omi. Ti iyanrìn kì í ṣù dáadáa, àmọ́ yóò tutù, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì dúdú ju ti òkè lọ.

Apá kejì òṣùwọ̀n náà, ti ọ̀gbẹlẹ̀, lo kò lè fi agolo mọ̀, nítorí ọjọ́ iwájú ni. Àkọsílẹ̀ òjò ọdún tó ti kọjá ló ń ràn wá lọ́wọ́. Ka iye ọdún tí ọ̀gbẹlẹ̀ gígùn tẹ̀ lé irú òjò bẹ́ẹ̀ ní àsìkò kan náà. Tó bá jẹ́ ọdún 5 nínú 10, mo gbà pé dídúró de òjò tó tẹ̀ lé e sàn ju kí a kó gbogbo irúgbìn sílẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n dídúró náà ní iye tó ń ná ni. Ní Sàhẹ́lì, ìgbà tí òjò ń dáwọ́ dúró kì í fi bẹ́ẹ̀ yí bí ìgbà tó ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà bí òjò bá pẹ́ dé, àsìkò á kúrú. Tó bá sábà máa ń tán ní 10 Oṣù Kẹwàá, ẹni tó gbìn ní 12 Oṣù Kẹfà ní 120 ọjọ́ lọ́wọ́, ẹni tó gbìn ní 7 Oṣù Keje sì ní 95. Ẹni kejì yìí kò gbọ́dọ̀ gbin irú tó ń lo 120 ọjọ́. Irú tó ń pọ́n ní 90 ló máa lè parí.

Tí ohun tí a gbìn kò bá hù, má sáré tún gbìn. Hú irúgbìn díẹ̀ wò. Èyí tó ṣì le, tó gbẹ, kò tíì jí, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó wú tí gbòǹgbò kékeré rẹ̀ gbẹ ni òjò já kulẹ̀. Èyí tó rọ̀, tó ń rùn, omi ló pọ̀ jù fún un. Èyí tó ní ihò, kòkòrò ló jẹ ẹ́, òjò kọ́ ni ẹjọ́ rẹ̀.