Àwọn òfin kíka ìgbì Elliott

Kíka ìgbì Elliott ni ọ̀nà tí àwọn tó ń yẹ ṣáàtì ọjà wò ń gbà fi nọ́ńbà sí ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ iye owó, kí wọ́n lè mọ ibi tí ọjà rìn dé. Òfin tí kò ṣeé rú nínú rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ. Síbẹ̀, ènìyàn méjì lè pa òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ lórí ṣáàtì kan náà, kí ọ̀kan ní owó ṣì máa gòkè, kí èkejì ní ìgòkè ti parí, kó má sì sí èyí tó rú òfin nínú àwọn méjèèjì.

Ralph Nelson Elliott, oníṣirò owó ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1871, ló kọ́kọ́ tẹ ìmọ̀ yìí jáde ní 1938. Ó kú ní 1948. A. J. Frost àti Robert Prechter to àwọn òfin náà lẹ́sẹẹsẹ nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1978, bí wọ́n sì ṣe tò ó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń lò ó títí di òní.

Òfin mẹ́ta

Nígbà tí owó bá ń bá ojú ọ̀nà rẹ̀ lọ, ìgbì márùn-ún ló máa ń dá. Ìkíní, ìkẹta àti ìkarùn-ún ń lọ síwájú. Ìkejì àti ìkẹrin ń fà sẹ́yìn. Àwọn márààrún yìí la pè ní ìgbì amúlọ nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ìrìn tó bá ta ko ojú ọ̀nà ni ìgbì àfàsẹ́yìn. Apá mẹ́ta ló sábà máa ń ní, wọ́n sì máa ń kọ A, B àti C sí i lára.

Òfin kìíní ni pé ìgbì kejì kò gbọdọ̀ fà sẹ́yìn kọjá ibi tí ìgbì kìíní ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìgbì kìíní bá bẹ̀rẹ̀ láti ₦20, tí owó sì wá kan ₦19.99, kíkà náà ti kú. Òfin kejì ni pé ìgbì kẹta kò gbọdọ̀ kúrú ju ìkíní àti ìkarùn-ún lọ. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣi òfin yìí gbọ́, tí wọ́n ń sọ pé ìkẹta ló gbọ́dọ̀ gùn jù. Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ òun ló wà láàárín, kó ṣáà má jẹ́ òun ló kúrú jù. Òfin kẹta ni pé ìgbì kẹrin kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ ìgbì kìíní: bí ìkíní bá parí ní ₦30, ìkẹrin kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kọjá ₦30.

Gbogbo ohun yòókù tí àwọn èèyàn ń wọ̀n, bíi ìdá 61.8 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń fa lórí ṣáàtì, ìtọ́sọ́nà lásán ni. Ẹni tó bá pa kíkà rẹ́ torí pé ìgbì kejì fà sẹ́yìn tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ti sọ ìtọ́sọ́nà di òfin.

Ṣáàtì kan, kíkà mẹ́ta

Ká fi ṣíà kan ṣe àpẹẹrẹ. Owó rẹ̀ ti já láti ₦52 wá sí ₦20. Láti ibẹ̀ ó gòkè dé ₦30, ó padà sí ₦24, ó tún gòkè dé ₦38, ó wá fà sẹ́yìn sí ₦31. Àwọn méjì ṣí ṣáàtì náà ní Òṣogbo lálẹ́ ọjọ́ kan náà, ọ̀kan ní Òkè-Fìà, èkejì ní Ìgbọ̀nà.

Ará Òkè-Fìà kà á báyìí: 20 sí 30 ni ìkíní, 24 ni òpin ìkejì, 38 ni òpin ìkẹta, 31 sì ni ìkẹrin. Ó yẹ òfin wò: 24 kò kọjá 20, ìkẹta jẹ́ ₦14, ìkíní jẹ́ ₦10, nítorí náà ìkẹta kò lè jẹ́ èyí tó kúrú jù mọ́, 31 kò sì wọ ilẹ̀ ìkíní. Ó ń retí ìkarùn-ún tí yóò kọjá ₦38.

Ará Ìgbọ̀nà ní jíjá láti 52 sí 20 ni ìgbì kìíní nínú ìrìn ńlá tó ń lọ sísàlẹ̀, pé 20 sí 38 kàn jẹ́ ìkejì rẹ̀ ni, tó rìn ní A (20 sí 30), B (24) àti C (38). Nínú ₦32 tó sọnù, ₦18 ló padà wá. Òun náà kò rú òfin kankan. Ó ń retí kí owó já kọjá ₦20.

Ohun tó fa ìyàtọ̀ yìí kò jìnnà. Oríṣi àfàsẹ́yìn kan wà tí wọ́n ń pè ní sígísáàgì. Bí a bá wo inú rẹ̀, A ní ìgbì kéékèèké márùn-ún, B ní mẹ́ta, C ní márùn-ún: 5-3-5. Ìgbì amúlọ ní tirẹ̀ jẹ́ 5-3-5-3-5. Apá mẹ́ta àkọ́kọ́ ìgbì amúlọ kò yàtọ̀ rárá sí sígísáàgì. Títí owó fi dé ₦38, kò sí ojú tó lè rí ìyàtọ̀ náà lára ṣáàtì, bó ti wù kó mú tó, nítorí pé kò tíì sí níbẹ̀. Àfi kí ohun tó tẹ̀ lé e fi hàn.

Kíkà kẹta tún wà tí àwọn méjèèjì lè gbójú fò. Ó lè jẹ́ pé 20 sí 30 ni ìkíní, 24 ni ìkejì, àmọ́ kí 24 sí 38 jẹ́ ìgbì kékeré àkọ́kọ́ nínú ìkẹta ńlá, kí 31 sì jẹ́ kékeré kejì. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìgòkè tó ń bọ̀ yóò ju èyí tí ará Òkè-Fìà ń retí lọ fíìfíì.

Níbi tí òfin ti wá wúlò ni pé kíkà kọ̀ọ̀kan ní iye owó tí yóò pa á. Ti ará Òkè-Fìà kú bí owó bá sọ̀ kalẹ̀ kọjá ₦30. Kíkà kẹta kò kú títí di ìsàlẹ̀ ₦24, nítorí òfin kìíní ló ń ṣọ́ ọ, kì í ṣe ìkẹta. Ti ará Ìgbọ̀nà jìnnà gan-an: àfi bí owó bá kọjá ₦52. Bí owó bá tilẹ̀ kọjá ₦38, yóò ní sígísáàgì náà di ìlọ́po méjì ni, òfin sì gbà á láyè. Àléébù ńlá lèyí jẹ́ nínú kíkà rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé owó lé irú kíkà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ iye tí òun fúnra rẹ̀ yóò fi jáwọ́ sílẹ̀, torí òfin kò ní tètè gbà á sílẹ̀.

Wíwo inú ìfàsẹ́yìn

Kí owó tó kan ₦30 rárá, jíjá láti 38 sí 31 ti lè sọ̀rọ̀. Ká ní báyìí ló ṣe rìn: 38 sí 35, ó padà sí 36.50; ó já sí 32.50, ó padà sí 33.80, ó wá parí ní 31. Márùn-ún nìyẹn, ó sì tọ́: 36.50 kò kọjá 38, ìkẹta (₦4) kọ́ ló kúrú jù, 33.80 kò sì padà dé 35.

Àfàsẹ́yìn kì í fi ìgbì márùn-ún kan ṣoṣo parí. Nítorí náà, 31 kò lè jẹ́ òpin ìkẹrin. A rẹ̀ lásán ni, sígísáàgì sì ni yóò jẹ́. C sígísáàgì sábà máa ń kọjá ibi tí A parí sí, ààyè tó sì kù fún ará Òkè-Fìà kò ju náírà kan lọ kó tó kan ₦30. Kíkà rẹ̀ kò tíì kú, àmọ́ ọrùn rẹ̀ ti há. Bó bá jẹ́ apá mẹ́ta ni jíjá náà ní, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á túbọ̀ fìdí múlẹ̀.

Ìṣòro ni pé irú àyẹ̀wò yìí nílò ṣáàtì wákàtí tàbí ìṣẹ́jú. Lórí ọjà ìpín Nàìjíríà, iye ṣíà kan kò lè gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀ ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ lóòjọ́. Ṣíà tó bá ti lẹ̀ mọ́ ààlà yìí fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin léraléra kì í fi ìgbì kéékèèké kankan hàn. Ìlà tó tọ́ gbọnrangandan ni yóò fà. Ẹnì kan á ní ìgbì márùn-ún wà nínú rẹ̀, ẹlòmíràn á ní ọ̀kan péré ni, kò sì sí ẹ̀rí tí wọn yóò fi dá ẹjọ́ náà.

Nígbà tí kì í ṣe ṣáàtì kan náà

Nígbà mìíràn, àwọn méjì tó ń jiyàn kò tilẹ̀ wo nọ́ńbà kan náà. Ká ní lọ́jọ́ kan owó sọ̀ kalẹ̀ dé ₦29.40 lọ́sàn-án, ó sì parí ọjọ́ ní ₦30.20. Ẹni tó ń lo ṣáàtì alábẹ́là, tó ń fi ibi tí owó ga dé àti ibi tó sọ̀ kalẹ̀ dé lóòjọ́ hàn, rí òjìji abẹ́là náà nísàlẹ̀ 30, ó ní òfin kẹta ti rú. Ẹni tó ń lo ìlà owó ìparí ọjọ́ kò rí nǹkan kan. Frost àti Prechter gbà pé nínú ọjà fíúṣọ̀, níbi tí owó kékeré ti ń gbé ẹrù ńlá, irú ìfarakàn ráńpẹ́ yìí lè wáyé. Ṣíà tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kò ní àwáwí yẹn.

Dífídẹ́ǹdì tún ń da nǹkan rú. Ká ní ilé-iṣẹ́ náà pín ₦2 lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan nígbà tí owó wà ní ₦38. Ṣáàtì tí wọ́n ti tún ṣe fún dífídẹ́ǹdì yóò sọ gbogbo owó àtẹ̀yìnwá di 36 nínú 38. Orí ìgbì kìíní, tó jẹ́ ₦30, yóò di ₦28.42. Lórí ṣáàtì yìí, ₦29.40 kò wọ ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí àwọn méjì tó ń jiyàn bi ara wọn nìyí, bẹ́ẹ̀ òun ni wọ́n sábà máa ń béèrè gbẹ̀yìn.

Òṣùwọ̀n pẹ̀lú ń yí òfin kejì padà. Ká ní nínú ṣáàtì mìíràn, ìkíní gba 20 dé 30, ìkẹta gba 24 dé 35, ìkarùn-ún gba 31 dé 47. Bí a bá fi náírà wọ̀n ọ́n, wọ́n jẹ́ 10, 11 àti 16. Ìkẹta kọ́ ló kúrú jù. Bí a bá fi ìdá nínú ọgọ́rùn-ún wọ̀n ọ́n, wọ́n di 50, 45.8 àti 51.6, ìkẹta ló wá kúrú jù. Ṣáàtì tó ń fi náírà wọn àlàfo gba kíkà náà wọlé. Èyí tó ń fi ìdá wọ̀n ọ́n lé e jáde.

Dáyágónà

Ìgbì kan ṣoṣo ni ìkẹrin ti lè wọ ilẹ̀ ìkíní láìrú òfin: dáyágónà, tí ìlà òkè àti ìlà ìsàlẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń sún mọ́ ara wọn bí ẹnu wẹ́ẹ̀jì. Òun ni ọ̀pọ̀ ń sá lọ bá nígbà tí kíkà wọn bá ti kú. Bí owó bá já sí ₦27 nínú àpẹẹrẹ wa, ará Òkè-Fìà lè ní dáyágónà ni. Ṣùgbọ́n nínú dáyágónà tó ń fún pọ̀, ìkẹta gbọ́dọ̀ kúrú ju ìkíní lọ, bẹ́ẹ̀ tirẹ̀ jẹ́ 14 sí 10. Èyí tó ń fẹ̀ nìkan ló kù fún un, ó sì ṣọ̀wọ́n gan-an. Ní ₦27, kíkà kẹta ló ṣì wà láàyè pẹ̀lú ti ará Ìgbọ̀nà, àwọn méjèèjì yóò sì máa bá ara wọn lọ títí owó yóò fi kọjá ₦24 sísàlẹ̀ tàbí ₦52 sókè.