“Ẹ ti ju iṣẹ́ yìí lọ”: kì í ṣe ìwé-ẹ̀rí yín ló ń bà wọ́n lẹ́rù

Lọ́dún 1996, ọkùnrin kan ṣe ìdánwò láti wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá nílùú New London, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó gba máàkì 33. Wọn ò pè é fún ìntáfíù, torí pé àwọn tó gba 20 sí 27 nìkan ni wọ́n ń pè. Ó gbé ìlú náà lọ sílé-ẹjọ́, àmọ́ nígbà tó di ọdún 2000, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá ìlú náà láre. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fiyè sí: wọ́n ní ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ bá já fáfá jù, iṣẹ́ náà á tètè sú u, á sì fi í sílẹ̀ lẹ́yìn táwọn bá ti náwó kọ́ ọ tán.

Kò sẹ́ni tó sọ pé ọkùnrin yìí ò lè ṣe iṣẹ́ náà. Lílọ rẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rù.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Bí wọ́n bá ti gbọ́ “ẹ ti ju iṣẹ́ yìí lọ” lẹ́nu agbanisíṣẹ́, wọ́n á gbà pé ìwé-ẹ̀rí àwọn tàbí ọdún táwọn ti fi ṣiṣẹ́ ló pọ̀ jù. Ohun tó bá sì pọ̀ jù, kí la máa ń ṣe sí i? À á bù ú kù. Torí náà, ẹni tó jẹ́ mánéjà á pa orúkọ yẹn rẹ́ nínú ìwé ìtàn iṣẹ́ rẹ̀. Ẹlòmíì ò ní pa nǹkan kan rẹ́, àmọ́ tó bá délẹ̀ ìntáfíù, á ní: “Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá ní kí n gbà ni mo máa gbà.”

Èkíní ń dá kún ìfura ni. Wọ́n lè pe ibi iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti kúrò láti béèrè nípa yín, wọ́n á sì gbọ́ pé ọ̀gá lẹ jẹ́ níbẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ìrírí, ó ti di ọ̀rọ̀ òtítọ́. (Kò sóhun tó burú níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá yọ iṣẹ́ ogún ọdún sẹ́yìn tí kò kan èyí tẹ́ ẹ ń wá. Ipò tẹ́ ẹ dì mú kẹ́yìn ni kẹ́ ẹ má fi pa mọ́.) Èkejì tiẹ̀ burú jù ú lọ. Èmi náà ti jókòó sápá ibi tí wọ́n ti ń béèrè ìbéèrè rí, mo sì mọ ohun tí etí wa ń gbọ́ tẹ́nì kan bá ní ohunkóhun lòun máa gbà: ẹni yìí kàn fẹ́ fi wá ṣe àtẹ̀gùn ni, tó bá ti ríbi tó sàn, ó lọ nìyẹn.

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ohun táwọn agbanisíṣẹ́ ń sá fún nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá tú u wò, ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: ó máa tètè lọ, kò ní gbà kẹ́ni tó kéré sí i darí òun, owó oṣù yìí ò ní tó o, á sì máa kùn. Wọn kì í sábà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè béèrè ibi tẹ́ ẹ fẹ́ wà lọ́dún mẹ́ta sí i, tàbí irú ọ̀gá tẹ́ ẹ fẹ́ràn láti bá ṣiṣẹ́. Ẹ fetí sí èyí tí wọ́n ń béèrè gan-an, torí pé ìdáhùn ọ̀kan ò wo òmíràn sàn.

Mo bá obìnrin kan múra fún irú ìntáfíù bẹ́ẹ̀. Ọdún méjìlá ló ti fi ṣe iṣẹ́ akáúńtáǹtì, ó sì fi mẹ́rin nínú rẹ̀ darí ẹ̀ka tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́jọ. Iṣẹ́ tó ń wá báyìí ni kó máa fi ìwé owó ilé-iṣẹ́ wé ti báńkì, kó sì máa jábọ̀ fún ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Mo bi í pé: “Mà, ṣé iṣẹ́ yìí ò ní sú yín?” Ó ní: “Rárá o, mo fẹ́ràn iṣẹ́ gan-an, kò síṣẹ́ tí mi ò lè ṣe.” Ọ̀rọ̀ dídùn ni, àmọ́ ẹnikẹ́ni ló lè sọ ọ́.

A tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní: “Nígbà tí mo ń darí ẹ̀ka, ìpàdé àti ètò ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ ló ń jẹ àkókò mi. Lóṣù tí mo lò kẹ́yìn, ẹni tó ń fi ìwé owó wé ti báńkì gba ìsinmi, èmi fúnra mi ni mo sì bá a ṣe é fọ́jọ́ mẹ́fà. Mo rí owó kan tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Irú iṣẹ́ yẹn ni mo fẹ́ padà sí, iṣẹ́ yẹn nìkan ni mo sì ń wá kiri.” Ẹ ò rí i pé kò fojú kéré ara rẹ̀. Ìrírí kan náà tí wọ́n ń bẹ̀rù ló fi dáhùn.

Mo bi í nípa ọ̀gá tó kéré sí i. Mo ti kìlọ̀ fún un kó má sọ pé ọjọ́ orí ò ṣe nǹkan kan. Ó ní: “Ọ̀gá mi tó kẹ́yìn kéré sí mi. Nígbà tó yí bá a ṣe ń parí ìwé owó oṣù padà, mi ò fara mọ́ ọn. Mo wọ ọ́fíìsì rẹ̀, mo sọ ìdí mi. Ó ní bóun ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, mo sì ṣe é bẹ́ẹ̀.” Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló ń jẹ́ kí ọkàn ẹni tó fẹ́ di ọ̀gá yín balẹ̀. Ohun tó lè bà á jẹ́ ni tẹ́ ẹ bá sọ “níbi tí mo ti ń bọ̀, bá a ṣe ń ṣe é nìyí” tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ẹni yẹn á ti máa rí i bíi pé ẹ ti jókòó sórí àga òun.

Ní ti owó, ẹ mọ iye tí wọ́n máa san kẹ́ ẹ tó débẹ̀, tó bá ṣeé mọ̀. Kẹ́ ẹ wá sọ pé: “Mo ti fi iye yìí wé ìnáwó mi, ó ká a.” Tí kò bá ká a, ẹ má sọ ọ́. Mi ò sì ní gbà yín nímọ̀ràn láti ṣèlérí ọdún márùn-ún fẹ́nikẹ́ni, torí pé àwọn náà mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè ṣe é.

Ṣé ìbẹ̀rù wọn ò kúkú jóòótọ́ ni? Ó jóòótọ́ díẹ̀. Lọ́dún 2009, àwọn olùwádìí méjì gbé iṣẹ́ kan jáde nípa àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtajà aṣọ lórílẹ̀-èdè Tọ́kì. Àwọn tó rí ara wọn bí ẹni tó ju iṣẹ́ náà lọ ń tajà dáadáa. Wíwù tó ń wù wọ́n láti lọ sì dín kù níbi tí wọ́n ti fún wọn láyè láti fi ọgbọ́n orí wọn ṣiṣẹ́. Torí náà, ẹ̀yin náà ẹ béèrè ohun tẹ́ni tó bá wà lórí iṣẹ́ náà lè pinnu fúnra rẹ̀, láìkọ́kọ́ gba àṣẹ. Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé kò sí, ẹ̀rù wọn lè tọ̀nà nípa yín.

Kẹ́ ẹ tó dìde, ẹ bi wọ́n léèrè: “Ṣé ohun kan wà nínú ìrírí mi tó ń kọ yín lóminú?” Ó lè ṣòroó sọ jáde lẹ́nu. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti jáde, àwọn nìkan ni wọ́n á jókòó sọ ọ́, ẹ ò sì ní sí níbẹ̀ láti fèsì.