Ọsàn ò yí padà, ìṣirò ti yí padà

Ìyá Bọ́lá ní ọsàn 52, ó ta 27. Mélòó ló kù? Irú ìṣirò yìí ni mo máa ń fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Nítorí pé bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n ń jókòó sí, tí ojú èkíní ò kúrò nínú ìwé èkejì, ẹ̀dà mẹ́rin ni mo máa ń ṣe: ìtàn kan náà, nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà tó bá ti wá sí mi lọ́kàn ni mò ń kọ. Mo fún àwọn kan ní 58, kí wọ́n yọ 23. Kí n tó jókòó, wọ́n ti ṣe é tán. Ṣebí 8 ju 3 lọ, kí ni wọ́n fẹ́ yá? Nínú 52, ní tirẹ̀, 2 ò tó 7. Ọmọ ní láti yá ẹ̀wá kan lọ́wọ́ 5, kí 2 di 12, kí 5 di 4. Yíyá yẹn gan-an ni mo fẹ́ dán wò. Àwọn tó gba 502 tiẹ̀ jìyà jù, torí pé òdo tó wà láàárín ò ní nǹkan tí wọ́n lè yá.

Láti ìgbà náà, mo kọ́kọ́ máa ń fi òfin de nọ́ńbà: oníméjì-méjì ni méjèèjì, kò sí òdo, ẹyọ òkè gbọ́dọ̀ kéré sí ti ìsàlẹ̀, ẹ̀wá òkè sì gbọ́dọ̀ fi méjì ó kéré tán ju ti ìsàlẹ̀.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀, àfìgbà tí mo ń máàkì. Ọmọ méjì kọ 35 fún 52 yọ 27. Èkíní yí ẹyọ po, ó yọ 2 kúrò nínú 7. Èkejì yá ẹ̀wá, ó yọ 7 kúrò nínú 12, ṣùgbọ́n ó gbàgbé láti dín 5 kù. Àṣìṣe wọn ò jọra rárá, ìdáhùn wọn sì bára mu, torí pé 7 fi 5 ju 2 lọ. Bí ẹyọ méjèèjì bá ti fi 5 jura, ẹ ò ní mọ ẹni tí ẹ máa tún kọ́ ní kí ni. Ẹ wá gbé 53 síbẹ̀: ìdáhùn jẹ́ 26, ẹni tó yí i po á kọ 34, ẹni tó gbàgbé á kọ 36. Bákan náà ni 74 yọ 36, 81 yọ 54 àti 62 yọ 28.

Ẹ ṣọ́ ìtàn náà o. Bí ẹ bá sọ ọsàn di èrò inú dánfó, 81 ò lè wọ̀ ọ́, àwọn ọmọ á sì fi rẹ́rìn-ín títí aago á fi lù. Bí ẹ bá sì kọ ọ́ pé “Bọ́lá ní 53, ó fi 27 ju Àìná lọ, mélòó ni ti Àìná?”, ìyọkúrò náà ṣì ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ “jù lọ” á mú ọ̀pọ̀ ọmọ ṣe àròpọ̀. Ọjọ́ mìíràn ni mo máa ń fi ìyẹn sí.